Orí Kẹrin: Yíyẹ Àkàbà Iṣẹ́ Wò

Nígbà tí ìwé ìgbanisíṣẹ́ bá tẹ èèyàn lọ́wọ́, ohun méjì ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò níbẹ̀: owó oṣù àti orúkọ ipò. Bí iléeṣẹ́ náà bá tóbi, wọ́n tún lè fi àtòjọ ipò hàn án láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kó lè fojú inú rí ibi tí òun náà máa dé. Àtòjọ yẹn kì í ṣe irọ́. Àmọ́ ó sọ pé ipò wà, kò sọ iye ọdún tí àwọn èèyàn ń lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sì sọ ibi tí wọ́n ń gbà lọ bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀. Ìbéèrè méjì yẹn la fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń dáhùn nínú orí yìí, nítorí ẹni tó bá rí ìdáhùn wọn ti mọ àkàbà iṣẹ́ náà ju ẹni tó há orúkọ gbogbo ipò rẹ̀ sórí lọ.

Ohun tí ìwé wí

Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé àkàbà tirẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Ipele 1 ló wà nísàlẹ̀, ipele 17 ló wà lókè, kò sì sí ipele 11 láàárín wọn: ẹni tó bá kúrò ní 10, 12 ló bọ́ sí. Ẹni tó gboyè ní yunifásítì tí wọ́n gbà sí ẹ̀ka àkóso máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ipele 8. Nínú Ìlànà Iṣẹ́ Ìjọba, ọdún 2 ni òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele 6 sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ lò, ó kéré tán, kí ìgbéga tó lè kàn án. Láti ipele 7 dé 14, ó di ọdún 3. Láti 15 lọ sókè, ó di ọdún 4.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ fún ọ̀dọ́ kan tó wọlé ní ipele 8 lẹ́ni ọdún 26. Ó ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà láti gbé kó tó dé ipele 15: 9, 10, 12, 13, 14, lẹ́yìn náà 15 fúnra rẹ̀. Ọdún 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọdún 18, á sì ti di ẹni ọdún 44. Ọdún 4 míì á gbé e dé ipele 16, ọdún 4 sí i á gbé e dé ipele 17, tíí ṣe ipò olùdarí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọdún 26, ọjọ́ orí rẹ̀ á sì jẹ́ 52. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá pé ọmọ ọgọ́ta ọdún tàbí nígbà tó bá ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá kọ́kọ́ dé nínú méjèèjì. Nípa bẹ́ẹ̀, lórí ìwé, àyè ṣì gbà á dáadáa.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fojú fo ọ̀rọ̀ náà “ó kéré tán.” Ọdún 3 tí ìwé dárúkọ jẹ́ ìgbà tí ẹnu ọ̀nà ń ṣí, kò ṣèlérí pé òṣìṣẹ́ á wọlé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí ọdún bá pé, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ìgbéga, ìròyìn ọdọọdún tí ọ̀gá rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára, àyè sì gbọ́dọ̀ wà ní ipele tó ń lọ. Ohun tó kẹ́yìn yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró, kò sì sí ohun tí akitiyan tiwọn lè ṣe sí i.

Àwọn mẹ́wàá kan

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn òṣìṣẹ́ àkóso mẹ́wàá tó wọlé lọ́jọ́ kan náà, ní oṣù Kíní ọdún 2010, ní ipele 8, nínú iléeṣẹ́ ìjọba kan. Àwa la ṣẹ̀dá àwọn nọ́ńbà yìí fún ìdánrawò, wọn kì í ṣe ti iléeṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n bí a ó ṣe tò wọ́n yìí ni ẹ ó ṣe to ti iléeṣẹ́ gidi. Oṣù Kíní ọdún 2024 la ka iye ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò.

| Òṣìṣẹ́ | Ipele 8 | Ipele 9 | Ipele 10 |
|---|---|---|---|
| B | ọdún 3 | ọdún 3 | ọdún 4, ó gòkè |
| D | ọdún 3 | ọdún 3 | ọdún 5, ó gòkè |
| F | ọdún 3 | ọdún 4 | ọdún 6, ó gòkè |
| G | ọdún 3 | ọdún 4 | ọdún 7, ó ṣì wà níbẹ̀ |
| H | ọdún 4 | ọdún 4 | ọdún 6, ó ṣì wà níbẹ̀ |
| J | ọdún 4 | ọdún 5 | ọdún 5, ó ṣì wà níbẹ̀ |
| K | ọdún 3 | ọdún 3, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ | |
| L | ọdún 4 | ọdún 4, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ | |
| M | ọdún 2, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ | | |
| P | ọdún 3, ó fiṣẹ́ sílẹ̀ | | |

Ká kọ́kọ́ ka àtẹ yìí láti òkè wá sílẹ̀, ipele kan lẹ́yìn òmíràn. Ní ipele 8, mẹ́jọ ló gòkè, márùn-ún nínú wọn sì gòkè ní ọdún 3 géérégé bí ìwé ṣe wí. Àwọn mẹ́ta yòókù fi ọdún kan pẹ́. Ní ipele 9, mẹ́fà ló gòkè, ṣùgbọ́n méjì péré ló bá àkókò mu. Ní ipele 10, kò sí ẹnì kankan tó lo ọdún 3. Nípa bẹ́ẹ̀, ọdún 3 kan náà tí ìwé kọ fún ipele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí bákan náà lójú iṣẹ́, ipele 10 sì ni ọ̀nà ti há jù. Bí ẹ bá bi òṣìṣẹ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀ léèrè, á sọ fún yín láìwo ìwé kankan pé ibẹ̀ làwọn èèyàn máa ń “jókòó sí.”

Ọdún mélòó gan-an ni èèyàn ń lò ní ipele 10? Ìbéèrè yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ẹni tó bá lọ bá àwọn tó ti gòkè, B, D àti F, á gbọ́ ọdún 4, 5 àti 6. Á pín in dọ́gba, á sì ní ọdún 5 ni. Àmọ́ àwọn mẹ́ta yìí ni ìgbéga kọ́kọ́ kàn. G, H àti J kò sí nínú ìṣirò rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ìdúró wọn ṣì ń gùn sí i. Bí a bá wá kó gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, tí a pín in dọ́gba, a ó rí ọdún 5 àbọ̀. Èyí náà ṣì kéré sí òtítọ́, torí pé àwọn mẹ́ta tó wà níbẹ̀ kò tíì parí ìdúró wọn: ọdún 7 tí a kọ síwájú G lè di 8, ó lè di 10.

Ọ̀nà tó mọ́gbọ́n dání ni pé ká má wulẹ̀ wá iye ọdún kan ṣoṣo. Ká mú ọdún kan tí gbogbo wọn ti kọjá, ká sì bèèrè pé, “Ní òpin ọdún yẹn, mélòó nínú wọn ló ti gòkè?” Gbogbo àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ti lo ọdún 5 ní ipele 10 tàbí tí wọ́n ti gòkè ṣáájú ìgbà náà, nítorí náà ọdún 5 la ó lò. Ìdáhùn rẹ̀ ni 2 nínú 6. Gbólóhùn náà, “lẹ́yìn ọdún 5, ìdá kan nínú mẹ́ta ló ti gòkè,” jẹ́ òtítọ́ tí kò ní àbùkù, kò fi ẹni tó ń dúró pa mọ́, kò sì fi nǹkan tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kún un. Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ mú kúrò nínú ìwádìí yín, irú èyí ni kẹ́ ẹ mú.

Ọdún tó sọnù ní ìsàlẹ̀ kì í padà wá lókè. F dé ipele 12 lẹ́yìn ọdún 13, dípò ọdún 9 tí ìwé wí. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ń gbé e ga lọ́jọ́ tó tọ́ láti ìsinsìnyí lọ, ọdún 30 ló máa lò lẹ́nu iṣẹ́ kó tó di olùdarí. Bó bá jẹ́ ẹni ọdún 26 ló wọlé, á di olùdarí lẹ́ni ọdún 56, ọdún mẹ́rin ló sì máa lò níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Bó bá jẹ́ ẹni ọdún 30 ló wọlé, ọjọ́ tó yẹ kó di olùdarí ni ọjọ́ tó pé ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó jáde ní yunifásítì, tàbí tí ẹ wá iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn àgùnbánirọ̀, kẹ́ ẹ má fi ìṣirò ẹni tó wọlé lọ́mọdé ṣe tiyín.

Ibi tí àyè ti ń ṣófo

Ó yẹ ká mọ ohun tó fa ìdúró náà, nítorí ìyẹn ló máa sọ fún wa bóyá ó lè yí padà. Onímọ̀ àwùjọ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Harrison White, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1970 lórí bí àwọn àlùfáà ìjọ Kristẹni ṣe ń ṣí láti ipò kan sí òmíràn. Ohun tó tọpa rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ni àyè tó ṣófo, dípò àwọn èèyàn fúnra wọn. Bí àlùfáà kan bá fẹ̀yìn tì ní ìjọ ńlá, ẹlòmíràn á kúrò ní ìjọ tirẹ̀ láti wá rọ́pò rẹ̀, ìjọ tó fi sílẹ̀ á ṣófo, ẹlòmíràn á tún wá síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àyè yẹn á máa sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi máa kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ ní iṣẹ́ ìjọba. Bí olùdarí kan bá lọ, igbákejì olùdarí kan á gòkè, olùrànlọ́wọ́ olùdarí á bọ́ sí àyè tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí dé ipele 10. Bí kò bá wá sí ẹni tó kúrò lókè, kò sí ẹni tó lè mì nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Keje ọdún 2023 fi kan ọmọ ipele 8 gbọ̀ngbọ̀n: ó ní olùdarí kò gbọ́dọ̀ lò ju ọdún 8 lọ lórí ipò náà, akọ̀wé àgbà iléeṣẹ́ ìjọba sì ń lo ọdún 4 tí wọ́n lè sọ dọ̀tun lẹ́ẹ̀kan. Ìjọba ti gbé irú ìlànà yìí jáde ní ọdún 2009, wọ́n sì dá a dúró ní ọdún 2016. Nítorí náà, ẹni tó wọlé ní 2010 àti ẹni tó wọlé ní 2016 kì í ṣe ẹni ojú ọjọ́ kan náà, kò sì yẹ ká kó ọdún ìdúró wọn pọ̀ láìwo ọdún tí wọ́n wọlé.

Nítorí ìdí yìí, yàtọ̀ sí iye ọdún tí àwọn tó wà níwájú yín ti lò, ẹ tún wo ọjọ́ orí àwọn tó wà lórí wọn. Ẹ̀ka tí gbogbo ọ̀gá rẹ̀ ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún máa ṣí láìpẹ́, kódà bí ìdúró ìsinsìnyí bá gùn. Èyí tí ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún 42, tí kò sì sí ibòmíràn tó lè lọ, lè wà ní títì fún ọdún 15.

Ibi tí wọ́n gbà lọ

Àwọn mẹ́rin kan fiṣẹ́ sílẹ̀ nínú mẹ́wàá wa. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àwọn kò ní sùúrù, wọn á sì pa wọ́n rẹ́ nínú àtẹ. Àṣìṣe ńlá ni, nítorí àwọn ni wọ́n máa sọ fún wa ohun tí iṣẹ́ náà níye lórí lóde.

Ẹ jẹ́ ká ní M àti P lọ sí àwọn àjọ ìjọba tó ní ìwọ̀n owó oṣù tiwọn, níbi tí ọdún 2 tàbí 3 tí wọ́n ti lò ní iléeṣẹ́ ìjọba mú kí wọ́n gbà wọ́n sí ipò tó ga ju ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé lọ. K lọ sí àjọ aláàánú kan ní Àbújá, ó sì di ẹni tó ń darí èèyàn mẹ́ta. L lọ ṣí ilé ìtajà ti ara rẹ̀. Ìbéèrè tí a ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni pé: ṣé ohun tó kọ́ níbí ni wọ́n torí rẹ̀ gbà á síbẹ̀? Fún M, P àti K, bẹ́ẹ̀ ni. Fún L, ìlọ rẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ àkóso, ó lè dára fún un, ó lè má dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkàbà iṣẹ́ yìí ló gbé e débẹ̀. Ìyẹn ni pé ipele 8 àti 9 ní ìlẹ̀kùn sí ìta, ìlẹ̀kùn tó sì dára ni.

Ẹ wá wo ipele 10. Kò sẹ́ni tó ti ibẹ̀ jáde. Ojú lásán lè kà á sí ìtẹ́lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ọdún ìdúró wọn. Èèyàn tó ń dúró ọdún 5, 6, 7 fún ìgbéga tó yẹ kó gbà ní ọdún 3, tí kò sì lọ síbòmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òde kò pè é mọ́. Àwọn àjọ tó ń fẹ́ ọmọ ipele 8 ń fẹ́ ẹni tí wọ́n lè kọ́; bó bá di ipele 10, iṣẹ́ rẹ̀ ti di mímọ bí fáìlì ṣe ń rìn nínú iléeṣẹ́ tirẹ̀ nìkan, ìmọ̀ yẹn kò sì níye lórí níbòmíràn. Tẹ́lẹ̀ rí, a lè ní owó ìfẹ̀yìntì ló ń dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òfin ọdún 2004 ti dé, tí ti 2014 sì rọ́pò rẹ̀, àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì ń bá òṣìṣẹ́ lọ síbikíbi tó bá lọ; agbára ìdí yẹn kò tó ti àtijọ́ mọ́. Ìdúró gígùn láìsí ìlọ ni àmì tó yẹ kó kọ́kọ́ mú yín bèèrè ọ̀rọ̀.

Ibi tí èèyàn ń gbà lọ lè yí ìtumọ̀ ìdúró padà pátápátá. Ní iléeṣẹ́ àwọn ọ́dítọ̀ ńlá, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kì í pẹ́ rárá kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó bá wo ìdúró nìkan á ní ibẹ̀ kò ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí wọ́n ń lọ: ẹ̀ka ìṣirò owó ní báńkì, ní iléeṣẹ́ epo, ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọjà, ní ipò tó ga ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ìlọ gan-an ni àkàbà níbẹ̀. Ẹ fi wé òṣìṣẹ́ kọ́ńtíráàtì tó ń sanwó fún oníbàárà lórí káńtà báńkì, tó jẹ́ pé iléeṣẹ́ agbanisíṣẹ́ mìíràn ló gbà á. Lójú oníbàárà, òun àti ọmọ báńkì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀. Ṣùgbọ́n àtòjọ ipò báńkì kì í ṣe tirẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kó bi ara rẹ̀ ni pé, nínú àwọn kọ́ńtíráàtì tó bá níbẹ̀, mélòó ni báńkì ti sọ di òṣìṣẹ́ tirẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó?

Bí a ṣe ń rí ìdáhùn

Ìwé orúkọ òṣìṣẹ́ ló dára jù, torí ó ní ọjọ́ tí wọ́n gba kálukú síṣẹ́ àti ọjọ́ ìgbéga tó kẹ́yìn. Ní iṣẹ́ ìjọba, àwọn tó wà ní ẹ̀ka òṣìṣẹ́ máa ń ní in lọ́wọ́. Ẹni tó wà níta kì í sábà rí i, LinkedIn ló sì máa ń sá lọ. Kó lò ó, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé àwọn tí nǹkan ti ṣẹnuure fún ló ń kọ ipò wọn síbẹ̀. L tó ṣí ilé ìtajà lè má sí níbẹ̀ rárá, G tó ti jókòó ọdún 7 lè má fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka iye ọdún náà. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá kẹ́ ẹ wá máa bèèrè bí wọ́n ṣe débẹ̀. Ẹ wá gbogbo àwọn tó wọlé lọ́dún kan, kẹ́ ẹ sì tọpa wọn síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ìbéèrè kan wà tí kò ní àrífín nínú, tó sì ń ṣiṣẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló wà lórí ipò yìí kẹ́yìn, níbo ló sì wà báyìí?” Bí ìyá tó jókòó síwájú bá dárúkọ ibi tí ẹni náà lọ kíákíá, tó tún fi ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kún un, àkàbà wà níbẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ìrántí àwọn tó gùn ún. Bó bá ní, “Ó ti kúrò níbí,” tó sì yí ọ̀rọ̀ padà, ẹ fi ọgbọ́n bèèrè iye ìgbà tó lò. Èèyàn mẹ́ta lórí ipò kan láàárín ọdún méjì kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ipò. Iléeṣẹ́ aládàáni kan lè gé ipò kan sí méjì tàbí mẹ́ta, kó lè máa gbé èèyàn ga lọ́dọọdún láìfi owó tàbí àṣẹ tó tó nǹkan kún un. Bí ìdúró bá kúrú níbi gbogbo, ẹ bèèrè ohun tó yí padà lọ́jọ́ kejì ìgbéga: ta ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu báyìí, iye owó wo ló lè fọwọ́ sí? Bí kò bá sí ohun tó yí padà, ẹ ka ipò méjèèjì sí ẹyọ kan, kẹ́ ẹ sì ro ọdún wọn pọ̀.

Àwọn mẹ́wàá kò tó láti fi ṣe òfin. Bí ẹnì kan péré nínú àwọn mẹ́ta tó ń dúró ní ipele 10 bá gòkè ní 2025, àwòrán wa á yàtọ̀. Ohun tí àtẹ kékeré lè ṣe ni kó fi ibi tó há hàn, kó sì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Ìdánrawò

Iléeṣẹ́ aládàáni kan gba ọ̀dọ́ mẹ́jọ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ ní oṣù Kíní ọdún 2018. Ní oṣù Kíní ọdún 2024, mẹ́ta ló kù níbẹ̀: méjì ti di máníjà ní 2021, ẹnì kan ṣì wà ní ipò tó fi wọlé. Márùn-ún ti lọ kí 2020 tó parí. Mẹ́ta nínú wọn wà ní iléeṣẹ́ tó ń bá èyí díje, ní ipò tó ga ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí méjì wà. Ọ̀gá ẹ̀ka òṣìṣẹ́ sọ fún àwọn olùwáṣẹ́ pé, “Ọdún 3 péré lèèyàn fi ń di máníjà níbí.” Àwọn wo ni ọ̀gá yìí yọ sílẹ̀ nínú ìṣirò rẹ̀? Ẹ tún gbólóhùn rẹ̀ kọ, kó lè kan gbogbo àwọn mẹ́jọ. Ẹ sọ ohun tí ìlọ àwọn mẹ́ta yẹn fi hàn nípa ohun tí iṣẹ́ náà níye lórí lóde, àti ìbéèrè tí ẹ máa bi ẹni tó ti wà lórí ipò kan náà fún ọdún 6 kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé.